Rìlíìfù Tí A Kà Lẹ́ẹ̀mejì: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Láti ìgbà tí mo ti sọ ìtàn bí mo ṣe rí i pé a yọ pẹ́ńṣàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣirò owó-orí oníbàárà wa kan fún àwọn ojúgbà mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ akáǹtáǹtì, ìbéèrè kò tán lórí fóònù mi. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ bí ìjà ṣe wà nínú rẹ̀, àwọn kan fẹ́ rí ìṣirò rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Mi ò ní dárúkọ oníbàárà wa, mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì wa. Ẹ má tún bi mí mọ́.

Níbo ló ti ṣẹlẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ yín níbẹ̀?

Ìkòròdú ni, ní Sábó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni. Àwa mẹ́rin la wà ní ọ́fíìsì náà, èmi ni mo sì kéré jù. Mo ń to rìsíìtì, mo ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, tí iná bá lọ, èmi náà ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún mi ni ẹnì kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ó ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan ti ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé Ẹ̀gbọ́n ò mọ iṣẹ́.

Oníbàárà wa jẹ́ Alhája kan tó ní ilé búrẹ́dì lọ́nà Ìgbógbó. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ló ní. Mọ́kàndínlógún wà nídìí ààrò àti ọkọ̀, mọ́kànlá yòókù wà ní ọ́fíìsì àti níbi àbójútó, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba ₦200,000 lóṣù.

Ritọ́ọ̀nù wo lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́?

Fọ́ọ̀mù H1. Òun ni agbanisíṣẹ́ fi ń sọ fún ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ pé, ní ọdún tó kọjá, iye tí mo san fún lágbájá rèé, iye owó-orí tó yẹ kí n yọ lára owó rẹ̀ rèé, iye tí mo yọ tí mo sì san rèé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Ọjọ́ 28, ọjọ́ Túsìdeè, ni a wà.

Ẹ dákun, kí ni rìlíìfù yìí, lédè tí ìyá mi á fi gbọ́?

Mà, ìjọba kì í gba owó-orí lórí gbogbo ohun tó wọlé fún yín. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ apá kan sẹ́yìn, wọ́n á ní, “Ẹ mú èyí, a ò fọwọ́ kàn án.” Ohun tó bá kù ni wọ́n ń gba owó-orí lórí rẹ̀. Apá tí wọ́n yọ sẹ́yìn yẹn ni rìlíìfù.

Lábẹ́ òfin tí a ń lò fún owó ọdún 2024, méjì ló kàn wá nínú ìtàn yìí. Ìkíní ni pẹ́ńṣàn tí wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Ìkejì ni rìlíìfù àpapọ̀, tí wọ́n ń kọ ní CRA, tí í ṣe ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lẹ́yìn tí a bá ti yọ pẹ́ńṣàn. (Ẹni tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ bá ju ₦200,000 lọ ni yóò lo ìyẹn dípò ₦200,000, ṣùgbọ́n kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé búrẹ́dì náà, àfi bóyá Alhája fúnra rẹ̀.)

Báwo lẹ ṣe rí i? Ṣé ẹ ń wá àṣìṣe ni?

Rárá o. Wọ́n ní kí n kàn wo bóyá orúkọ àti nọ́ńbà owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ọdún tó kọjá mu ni. Ìyẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Ó ti ṣe ìṣirò náà tán láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sì ti rí i pé owó-orí tí ilé búrẹ́dì san lọ́dún 2024 ju èyí tó yẹ lọ. Lára àwọn mọ́kànlá tó wà ní ọ́fíìsì, owó tó yẹ jẹ́ ₦2,072,752, rìsíìtì méjìlá tó wà nínú fáìlì sì fi hàn pé ₦2,393,776 ni wọ́n san. Ó lé ní ₦321,024. Ẹ̀gbọ́n ní, “Inú Alhája á dùn gan-an. A ó ní kí wọ́n fi rọ́pò owó-orí oṣù kìíní.”

Mo ń fi ìka mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ. Ní ìlà àwọn tó wà nídìí ààrò, òpó tó ń sọ ìyàtọ̀ láàárín owó tó yẹ àti owó tí a san jẹ́ òdo, òdo, òdo. Ní ìlà mọ́kànlá ti ọ́fíìsì, ₦29,184 ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pé iye kan náà ni kò yà mí lẹ́nu, ṣebí owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà. Àwọn òdo yẹn gan-an ló dá mi dúró. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Alhája fi ń ṣírò owó oṣù gbogbo ọgbọ̀n wọn. Bí ètò náà bá ń gba owó-orí lágbàjù, kí ló dé tó fi ṣàánú àwọn tó wà nídìí ààrò, tó wá ń jẹ àwọn ti ọ́fíìsì níyà?

Mo mú fóònù mi, mo pín pẹ́ńṣàn ẹnì kan fún owó ọdún rẹ̀, 192,000 fún 2,208,000. Ó yẹ kí ó fún mi ní 0.08. Ohun tí ó gbé jáde ni 0.0869.

Ta ló ń san pẹ́ńṣàn tó tó ìdá 8.69 nínú ọgọ́rùn-ún? Mo fa ìwé owó oṣù ẹni náà yọ nínú fáìlì. Owó oṣù, ₦200,000. Pẹ́ńṣàn, ₦16,000. Owó-orí, ₦18,134.67. Èyí tó mú lọ sílé, ₦165,865.33. Mo sọ ₦200,000 di ìlọ́po méjìlá, ó jẹ́ ₦2,400,000. Èyí tó wà nínú ìwé wa ni ₦2,208,000. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ₦192,000, pẹ́ńṣàn ọdún kan géérégé.

Ojú mi là. Owó tí a pè ní gbogbo owó tó wọlé, wọ́n ti yọ pẹ́ńṣàn kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa náà sì tún jókòó, a tún yọ ọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò náà tán níwájú wa.

Ó dáa. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n fún ẹnì kan rèé:

```
Gross Pay   2,208,000
Pension       192,000
CRA           603,200
Taxable     1,412,800
Tax           188,432
```

Bó ṣe yẹ kí ó rí rèé:

```
Gross Pay   2,400,000
Pension       192,000
CRA           641,600
Taxable     1,566,400
Tax           217,616
```

Ẹ wo bí a ṣe dé ìdí owó-orí ti ìsàlẹ̀ yẹn. ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦21,000. ₦300,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 11, ₦33,000. ₦500,000 tó tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 15, ₦75,000. Ó ku ₦466,400, tí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦88,616. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦217,616. Ẹ pín in sí méjìlá, ẹ ó rí ₦18,134.67 tó wà lórí ìwé owó oṣù. Ètò kọ̀ǹpútà Alhája kò ṣe àṣìṣe kankan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Pẹ́ńṣàn tí a kà lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ₦192,000, ṣùgbọ́n owó tí owó-orí yẹ kó bà lé kò dín ní ₦192,000, ₦153,600 ló fi dín. Ìdí ni pé bí a ṣe dín owó tó wọlé kù, bẹ́ẹ̀ náà ni rìlíìfù àpapọ̀, tó ń jẹ ìdá 20 nínú rẹ̀, ṣe dín kù. Nítorí náà, náírà kan tí ẹ bá kà lẹ́ẹ̀mejì á jẹ́ kọ́bọ̀ 80 níkẹyìn. Ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ₦153,600 ni ₦29,184. Ẹ lè rìn ín padà sẹ́yìn pẹ̀lú: ẹ pín 29,184 fún 0.19, ẹ tún pín ohun tó jáde fún 0.8, ẹ ó kanlẹ̀ sórí 192,000. Ìgbà tí mo ṣe ìyẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀ láti lọ bá Ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ṣebí òfin fúnra rẹ̀ ní ká yọ pẹ́ńṣàn ká tó ṣírò rìlíìfù àpapọ̀?

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fi dá mi lóhùn nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dákẹ́. Ó ní, “Àbúrò, ṣé o ka àtúnṣe òfin ìnáwó ọdún 2020? Wọ́n ní owó tí a ó fi ṣírò ìdá 20 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti yọ pẹ́ńṣàn kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí tọ̀nà.”

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún 2021 títí dé òpin ọdún 2025 ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ₦2,208,000 ni a ń mú, kì í ṣe ti ₦2,400,000. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti ṣubú. Pẹ́ńṣàn fara hàn níbi méjì nínú ìṣirò tó tọ̀nà. Ó fara hàn nígbà tí a ń wá owó tí a ó gé ìdá 20 lára rẹ̀, ó sì tún fara hàn nígbà tí a ń yọ ọ́ kúrò lára gbogbo owó. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ibi méjì yẹn ni mò ń pè ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe òun.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: níbo ni a ti bẹ̀rẹ̀? Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ₦2,400,000, a ó yọ pẹ́ńṣàn lẹ́ẹ̀kan, ó di ₦2,208,000, lórí ìyẹn ni a ó ti gé ìdá 20. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ₦2,208,000, a ti yọ ọ́ tán, kò yẹ kí ó tún ní òpó tirẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹni tí a rán lọ ta ẹja bá ti yọ owó ọkọ̀ kó tó kówó fún wa, ṣé a tún máa yọ owó ọkọ̀ nínú èyí tó kó wá kí a tó ka èrè?”

Kò dáhùn. Ó fa àga mi sún mọ́ ọn, ó ní kí n tẹ F2 lórí ìlà keje kí òun rí ohun tó wà nídìí rẹ̀.

```
G7:  =200000+20%*(E7-F7)
H7:  =E7-F7-G7
```

`E` ni òpó gbogbo owó tó wọlé, `F` ni pẹ́ńṣàn, `G` ni rìlíìfù àpapọ̀, `H` ni owó tí owó-orí máa bà lé. Ìṣirò náà tọ̀nà bí a bá fi owó tó pé sínú `E7`. Ẹ̀gbọ́n wo ó títí. Ó wá bi mí pé, “Ta ló kó `E` wá?”

Ta ló kó o wá?

Èmi.

Alhája ní akọ̀wé méjì. Èyí tó ń bójú tó àwọn tó wà nídìí ààrò fi owó tó pé ránṣẹ́. Èyí tó wà fún ọ́fíìsì mú òpó kan nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí wọ́n kọ `Gross Pay` sí lórí, ṣùgbọ́n tí ètò náà ti yọ pẹ́ńṣàn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Fráídeè tó ṣáájú, èmi ni mo lẹ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Orí òpó méjèèjì jẹ́ orúkọ kan náà, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n náà gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò gùn. Ó ní, “Ó dáa. Ìwọ náà ni wàá tún un ṣe.”

Kí ni Ọ̀gá sọ?

Ọ̀gá wà lóde, a pè é lórí fóònù. Ó béèrè ohun kan péré: “Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ni ìyàtọ̀ àárín H1 àti rìsíìtì?” Mo ní òdo ni, sà, àfi kọ́bọ̀ díẹ̀ tí a rí níbi tí wọ́n ti ń gé nọ́ńbà kúrú lóṣooṣù. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n pe Alhája kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, nítorí Ẹ̀gbọ́n ti fún Alhája ní ìròyìn ayọ̀ tẹ́lẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìpè yẹn ni mi ò fẹ́ wà níbẹ̀ fún. Mo bọ́ sísàlẹ̀ lọ wo jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣe ohunkóhun.

Ká ní ẹ ti fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣebí owó-orí tó tọ́ ni wọ́n ti san?

Wọ́n ti san án, òótọ́ ni. Ìjọba kò tíì pàdánù kọ́bọ̀ kan ní ọdún 2024. Ewu rẹ̀ wà níwájú. Àwọn mọ́kànlá yẹn ń san ₦199,481 lápapọ̀ lóṣù. ₦321,024 tí a rò pé ó lé yẹn ì bá jẹ gbogbo owó-orí oṣù kìíní wọn, ì bá tún jẹ ₦121,543 nínú ti oṣù kejì. Owó-orí oṣooṣù sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí oṣù bá parí. Nígbà náà ni gbèsè tòótọ́ á wáyé, lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni owó ìtanràn rẹ̀, èlé tún wà lórí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọdún yẹn náà ni wọ́n á ti mọ̀. Àwọn olùyẹ̀wé ìjọba lágbára láti padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n wá bá Alhája ní ọdún kẹrin, lẹ́yìn tí akọ̀wé ti lọ, tí èmi náà sì ti lọ.

Ká ní owó náà lé lóòótọ́, Alhája ló ni ín?

Rárá, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹni kan ṣoṣo ló béèrè èyí. Ara owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Bó bá lé, ₦29,184 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Alhája kàn gbé e lọ síbi tó ń lọ ni, bí ẹni tí a fi owó àjọ rán. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́ fi rọ́pò owó oṣù kìíní, ó lè tọ̀nà bí owó-orí tí wọ́n ń yọ lára àwọn mọ́kànlá yẹn bá dín kù ní iye yẹn lóṣù náà, kí wọ́n mú púpọ̀ sí i lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ lára wọn bí i ti tẹ́lẹ̀, tí a kò sì san án fún ìjọba, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìdá 8 tí ẹ fi dán an wò yẹn, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ó ṣiṣẹ́ fún ilé búrẹ́dì yìí nítorí pé owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ló para pọ̀ di owó oṣù wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń san owó oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn ìparí ọdún mọ́ ọn, ìdá náà á kéré ju 8 lọ, kò sì túmọ̀ sí àṣìṣe. Bó bá ju 8 lọ ni kí ẹ da etí sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ náà máa fi owó kún pẹ́ńṣàn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ bi í. Bó bá ní rárá, ẹ lọ wá ìwé owó oṣù rẹ̀. Iye 8.69 yẹn gan-an, ẹ há a sórí. 8 tí a pín fún 92 ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti rí owó tí wọ́n ti yọ pẹ́ńṣàn nínú rẹ̀.

Òfin tuntun ti dé. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò ti di ìtàn àtijọ́?

Rìlíìfù àpapọ̀ ti lọ fún owó tó bá wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Wọ́n fi rìlíìfù owó ilé rọ́pò rẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún háyà ọdún kan, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí lórí mọ́, ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ń san ìdá 15. Ṣùgbọ́n pẹ́ńṣàn ṣì wà níbẹ̀, a ṣì ń yọ ọ́.

Ẹ mú ẹni kan náà tó ń gba ₦2,400,000, ká ní kò ní ìwé háyà. Yọ pẹ́ńṣàn, ó ku ₦2,208,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦1,408,000. Owó-orí rẹ̀, ₦211,200. Bí a bá ka pẹ́ńṣàn lẹ́ẹ̀mejì, yóò di ₦182,400. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦28,800, ìdá 15 nínú ₦192,000 gan-an. Kọ́bọ̀ 80 ti lọ, náírà tó pé ló dé.

Ilé búrẹ́dì náà ńkọ́ báyìí?

H1 ọdún 2024 wọlé ní ọjọ́ 30. Alhája kò bá wa jà. Ó kan bi Ẹ̀gbọ́n pé ìròyìn ayọ̀ wo ni yóò tún mú wá lọ́dún tó ń bọ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ ti yí orúkọ òpó náà padà nínú ètò kọ̀ǹpútà, `Pay After Pension` ló ń jẹ́ báyìí. Òpó pẹ́ńṣàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì ní kí n kùn ún ní àwọ̀ yẹ́lò.